Àìkíni Ló Ń Tú Àṣírí

Gbólóhùn kan wà tí wọ́n máa ń fi lé agbaninímọ̀ràn lọ́wọ́ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ì báà ṣe ti ilé ìwòsàn, ti ilé ìwé tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á ní: "Bí o bá pàdé ẹni tó ń gbàmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ níta, ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Má kí i, àfi tó bá kọ́kọ́ kí ọ." Wọ́n á tún fi kún un pé kó o má lọ síbi ìnáwó rẹ̀, kó o má ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, bó o bá sì ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kó o taari rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Àwọn tó ń kọ́ni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Àṣírí ẹni tó fọkàn tán wa ni wọ́n fẹ́ bò, kò sì sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tí ìyẹn kò ká lára. Síbẹ̀, mo ta ko òfin náà. Nílùú kékeré nílẹ̀ Yorùbá, kì í bo àṣírí kankan. Òun gan-an ló ń tú u.

Irú ìlú tí mò ń sọ nìyí: ilé ìwòsàn ìjọba kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọrọọrún ni ọjà ibẹ̀ ń ná, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tí èèyàn ń wọ́ lọ kò sì ju mélòó kan. Ẹni tó ń ṣe káńsẹ́lọ̀ ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ní kòkòrò éèdì, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ ilé tó ń gbé, wọ́n mọ ọkọ rẹ̀, wọ́n mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ náà kì í ṣe àlejò sí i. Ọ̀kan lè jẹ́ ìyàwó tíṣà ọmọ rẹ̀, òmíràn lè jẹ́ ẹni tó ń bá a ránṣọ. Mi ò sọ ti Ìkẹjà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí mo fi ọ̀rọ̀ èèyàn púpọ̀ hun pọ̀, kó má bàa jẹ́ ẹnì kan pàtó. Èlùbọ́ ló ń tà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ní ìsọ̀ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alátà. Agbaninímọ̀ràn wa kò tíì pé ogójì. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ, láti ìgbà tó sì ti dé ìlú, ọwọ́ ìyá yìí ló ti ń ra èlùbọ́. Bó bá dé ìsọ̀, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ kú ọjà o, màmá." Ìyá á ní, "O káre, ọmọ mi. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Nígbà tó yá, àárẹ̀ kan mú ìyá tí kò lọ bọ̀rọ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nílé ìwòsàn, wọ́n bá kòkòrò éèdì níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú un wọ yàrá ìgbàmọ̀ràn, ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí i lọ́jà ló bá lórí ìjókòó.

Bí agbaninímọ̀ràn yìí bá tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ́ ọ, lọ́jọ́ ọjà tó kàn, á gba iwájú ìsọ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí ìyá. Lójú tirẹ̀, àṣírí ló ń pa mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá alátà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń wò ó. Ọmọdé kì í rí àgbà nílẹ̀ wa kó má kí i, áńbọ̀sì àgbà tó ti ń kí lójoojúmọ́. Kó tó di ọ̀sán, ìyá alátà á ti béèrè pé, "Ìyá elélùbọ́, kí ló dé láàárín ẹ̀yin àti nọ́ọ̀sì yẹn?" Ìdáhùn méjì péré ló wà nílẹ̀: yálà kí ó jẹ́ pé wọ́n jà, tàbí kí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn. Bí ìyá bá ní àwọn jà, wọ́n á fẹ́ bá wọn parí rẹ̀, ìyá ìjọ á ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n á sì bi wọ́n ní ohun tó fa ìjà. Bó bá dákẹ́, ìdáhùn kejì ni ọjà á mú lọ sílé. Àìkíni tí wọ́n ní kí obìnrin yìí fi bo ìyá ló wá di ìka tó ń tọ́ka sí i.

Ibi tí òfin náà ti kùnà kò fara sin. Ẹni tó ṣe é gbà pé inú yàrá ni ìmọ̀ra ti bẹ̀rẹ̀. Nílùú ńlá, òótọ́ ni. Àjèjì méjì pàdé nínú yàrá. Bí wọ́n bá kí ara wọn ní ibùdókọ̀, ẹni tó bá wà pẹ̀lú wọn á béèrè ibi tí wọ́n ti mọra, ìdáhùn ìyẹn sì lè le. Níbẹ̀, àìkíni ló máa jẹ́ kí gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà. Nílùú kékeré, ìta ti wà kí yàrá tó dé. Yàrá yẹn nìkan ni ohun tuntun tó wọ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ohunkóhun tó bá sì yí padà níta lẹ́yìn rẹ̀ ló máa sọ fún ayé pé yàrá kan wà. Òfin tí mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ nìyí: kí ìta máa rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, kó má lé, kó má dín. Bó o bá ti ń kúnlẹ̀ kí i, máa kúnlẹ̀. Bí ẹ kò bá kí ara yín rí, má ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á ní mo fẹ́ ba ìlànà iṣẹ́ jẹ́, ìlànà tí àwọn àgbà inú iṣẹ́ ti là sílẹ̀. Àwọn àgbà wo? Sigmund Freud ló kọ ọ́ ní 1912 pé kí oníṣègùn ọkàn dà bí dígí fún aláìsàn, kó má fi ohunkóhun hàn nípa ara rẹ̀. Ní 1918, Freud yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ náà fún Anna, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ohun tí èmi fúnra mi kò ní gbà fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹnu àti ìṣe kò ti dọ́gba nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí à ń wò kọ ìwé tiwa sì ti kúrò lórí kíka gbogbo àjọṣe níta léèwọ̀ tipẹ́. Ní 1993, dókítà ọpọlọ méjì, Thomas Gutheil àti Glen Gabbard, kọ àpilẹ̀kọ kan tó ya kéèyàn kọjá ààlà láìpa ẹnikẹ́ni lára sọ́tọ̀ kúrò lára kéèyàn rú ààlà débi tó fi ṣe aláìsàn ní jàǹbá. Ìwé ìlànà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣesí ọkàn ní Amẹ́ríkà, èyí tó jáde ní 2002, là á mọ́lẹ̀ pé níní àjọṣe mìíràn pẹ̀lú ẹni tí à ń tọ́jú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí kò bá sí ìdí tá a fi lè rò pé ó máa yí ìdájọ́ wa po tàbí kó pa onítọ̀hún lára. Ti ẹgbẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn wọn, ti 2014, tiẹ̀ dárúkọ àpẹẹrẹ: lílọ síbi ìgbéyàwó ẹni tí à ń gbà nímọ̀ràn, ríra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, bíbẹ ẹbí rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ àìsàn wò. Wọn ò ní ká má ṣe é. Wọ́n ní ká ro àǹfààní àti ewu rẹ̀, ká bá onítọ̀hún sọ ọ́, ká fi tó ọ̀gá tàbí ẹlẹgbẹ́ létí, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa tá a gba òfin lọ́wọ́ wọn la wá le ju àwọn tó ni òfin lọ.

Nílé níbí náà, a ti rí ohun tó yẹ kó jẹ́ ká ronú. Ní 1954, ní Aro l'Abẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lambo, tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sínú ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ẹbí tó bá a wá, tó ń se oúnjẹ fún un. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, wọ́n á padà sílé onílé. Onílé, aláìsàn, ẹbí àti àwọn òṣìṣẹ́ ń rí ara wọn lójú ọ̀nà, àwọn oníṣègùn ayé sì wá ń wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Mi ò ní Aro yanjú ọ̀rọ̀ àṣírí o; àìsàn tí gbogbo abúlé mọ̀ nípa rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ohun tó kàn wó lulẹ̀ ni èrò pé àjọgbé àti àjọrí níta máa ń ba ìtọ́jú jẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ìta rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìméfò ṣe. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ ni, inú yàrá la sì ti ń sọ ọ́, kí ẹsẹ̀ tó pàdé lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ka èsì ẹ̀jẹ̀ fún ìyá, etí rẹ̀ kò lè gba púpọ̀. Gbólóhùn kan tó fún un lọ́jọ́ yẹn: "Màmá, bí mo ṣe ń kí yín lọ́jà tẹ́lẹ̀ náà ni màá ṣe máa kí yín, mi ò ní fi nǹkan kan kún un." Nígbà tó bá padà wá ni o tó lè jókòó tì í dáadáa, kó o bi í pé: Ta ló mọ̀ nílé pé ẹ̀ ń wá síbí? Bí ẹnì kan bá rí yín ní ọgbà ilé ìwòsàn, kí lẹ máa ní ẹ wá ṣe? Bí mo bá pè yín lórí fóònù, ta ló máa ń gbé e, orúkọ wo ni kí n dá? Ìbéèrè fóònù yìí kì í ṣe àfikún lásán. Bí èèyàn bá pa ọjọ́ oògùn jẹ, ẹ̀ka ìtọ́jú á wá a. Ẹni tó bá pe fóònù tó sọ pé, "Láti ilé ìwòsàn ni o, wọ́n ń retí màmá," fún ọmọ àna tó gbé e, ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Mọ́tò tí wọ́n kọ orúkọ iṣẹ́ éèdì gàdàgbà sí lára, tí wọ́n wá gbé síwájú ilé onílé pé àwọn wá aláìsàn tó sá, ó burú ju ogún ìkíni lọ. Ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń le koko mọ́ wa lórí ìkíni kì í sọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn.

Ìdáhùn tí a máa fún aráàlú tó bá béèrè náà ní ìlànà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń dáhùn pé, "Rárá o, kò wá sọ́dọ̀ wa," bó bá jẹ́ ẹni tí kò wá lóòótọ́ ni wọ́n béèrè, wọ́n á sì fẹnu mọ́ bó bá jẹ́ ẹni tó ń wá. Kò ní pẹ́ tí ìlú á fi mọ̀ pé ìdákẹ́ wọn ni bẹ́ẹ̀ ni. Ìdáhùn kan náà ló gbọ́dọ̀ wà fún gbogbo èèyàn, àti ẹni tí kò gba ibẹ̀ kọjá rí: "Mi ò kì í sọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá." Kó o máa sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín títí tí yóò fi sú wọn láti béèrè.

Ìkíni pàápàá, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dọ́gba. "Ẹ kú ọjà", "ẹ kú ìkálẹ̀", "ẹ kú òòrùn", gbogbo ìyẹn wà fún ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, kò dá ẹnì kan yà sọ́tọ̀. Èyí tó léwu ni kó o rẹ ohùn sílẹ̀ kó o ní, "Ara ńkọ́ o, màmá?" kó o wá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó o di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta" lẹ́nu ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ pé ilé ìwòsàn ló ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán létí ìyá alátà. Ìyá fúnra rẹ̀ sì lè gbàgbé, kó bẹ̀rẹ̀ nídìí ìsọ̀ pé, "Oògùn tẹ́ ẹ fún mi yẹn..." Ohun tó kù ni kó o sọ wẹ́rẹ́ pé, "Ó di Ìṣẹ́gun, màmá," kó o bi í pé èló ni kóńgò èlùbọ́ lónìí. Bó bá jẹ́ pé ojú rẹ̀ ń pọ́n bí ọsàn tàbí ara rẹ̀ sú, Ìṣẹ́gun ti jìnnà. Sọ fún un pé kó wá láàárọ̀ ọ̀la.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ni lo àkókò sí gan-an ni èènì. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ìyá bẹ̀rẹ̀ oògùn, ara rẹ̀ mókun, ó ń jẹun, ó ti padà sí ìsọ̀. Agbaninímọ̀ràn lọ ra èlùbọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan ni èènì. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá bù ú kún un ní ìdajì kóńgò. Ọjà tó tẹ̀ lé e, ó ní òun kò gbowó, "ṣé ìwọ ni màá gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ ni?" Ìta ti yí padà, sókè ló gbà. Ìyá alátà ti rí i, ìyẹn ọ̀kan. Èkejì ṣòro ju ìyẹn lọ, inú yàrá ló sì ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń fún ọ ní èlùbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kì í fẹ́ já ọ kulẹ̀. Bí o bá bi í bó ṣe ń lo oògùn, á ní, "Mò ń lò ó dáadáa, ọmọ mi," ìwọ náà á sì máa tijú láti tẹ̀ ẹ́ síwájú.

Ike oògùn ló máa ń sọ òtítọ́. Ọgbọ̀n hóró ló wà nínú ike kan, hóró kan lójúmọ́. Ìyá padà wá lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, méjì ló yẹ kó ṣẹ́ kù. O ka ohun tó wà nínú ike, o bá mẹ́sàn-án. Ọjọ́ méje ni kò lo oògùn nínú oṣù tó ní òun ń lò ó dáadáa. Bí agbaninímọ̀ràn kò bá ka ike nítorí ojú èlùbọ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà láti mọ bí kòkòrò náà ṣe pọ̀ tó ló máa tú u, nígbà yẹn kòkòrò ti lè máa kọ́ bí yóò ṣe sá fún oògùn. Nígbà tó ka ike tó sì rọra béèrè, ohun tó jáde ni pé ọmọbìnrin ìyá wá sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sì rí ibi tó máa ti gbé oògùn mì. Ọ̀rọ̀ tó ní àtúnṣe ni: wọ́n dà á sínú ike fítámì kan, ó ń lò ó bó bá fẹ́ẹ́ jáde lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n ojú èènì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kó jáde.

Àwọn elétò àìkíni á ní, "Ṣé ẹ rí i? Kó má ràjà níbẹ̀ mọ́." Ká ní kò rà á mọ́, ìsọ̀ kejì ni yóò ti máa rà á, lójú ìyá àti lójú gbogbo ọjà, a sì tún ti padà síbi ìjà tí wọ́n fẹ́ parí. Ohun tó yẹ ni kó gba èlùbọ́ yẹn lójú ọjà, torí a kì í kọ ọrẹ àgbà ní gbangba, kó wá mú ọ̀rọ̀ náà dé yàrá: "Màmá, èènì yín ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ lè bá mi wí, kẹ́ ẹ sì lè sọ fún mi bí ẹ kò bá lo oògùn. Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹ̀kúnwọ́ kan, kí n sì máa sanwó pé." Kó kọ ọ́ sínú fáìlì. Ìyá lè fajú ro lọ́jọ́ kan. Kò ní pẹ́ tó fi máa yé e, torí oníṣòwò ni, ó mọ ohun tí gbèsè ń ṣe sí ẹnu èèyàn. Àwìn lọ́wọ́ ìyá kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, bẹ́ẹ̀ ni agbaninímọ̀ràn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ alájọ tí owó ìyá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Aṣọ ẹbí náà ní tirẹ̀. Ọmọ ìyá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ìyá gbé aṣọ wá fún agbaninímọ̀ràn, ti àwọn ẹbí ìyàwó. Bó bá rán an, gbogbo ẹni tó bá wo fọ́tò á béèrè bó ṣe jẹ́ sí wọn. Bó bá kọ̀ ọ́, ó ti tàbùkù ìyá. Ìbéèrè kan ló máa ń yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí: ká ní yàrá kò sí, kí ni ì bá ṣe? Ì bá bá ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ lọ, nínú aṣọ ẹgbẹ́, á jókòó sí tábìlì ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kó ṣe, kó sì ṣàlàyé fún ìyá nínú yàrá kí ọjọ́ tó pé. Ohun kan ṣì wà tó gbọ́dọ̀ bá a sọ, torí mo mọ ohun tí ayọ̀ àti gbohùngbohùn ń ṣe fún àwọn ìyá wa: "Màmá, bẹ́ ẹ bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má dárúkọ mi." "Nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀mí mi là," tí wọ́n bá sọ ọ́ níwájú ọgọ́rùn-ún èèyàn, kò sí ẹni tí kò ní mọ irú àìsàn tó jẹ́.

Ohun tó ń wọlé láti ìta tún ṣòro ju ohun tó ń jáde lọ, wọn kì í sì í kọ́ wa rárá. Níbi ìdánrawò orin, ẹnì kan sọ fún agbaninímọ̀ràn pé ọkọ ìyá elélùbọ́ ti fẹ́ ẹlòmíì sí Ìlọrin. Kò bi ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn sọ ọ́ ni. Bó bá lò ó nínú yàrá, ìyá á máa wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òun kiri ìlú. Bó bá gbé e pa mọ́, á máa darí ìbéèrè rẹ̀ láìmọ̀: á máa béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ ṣáá nígbà tó jẹ́ ẹsẹ̀ ló ń dun ìyá. Ó yẹ kó sọ ọ́ fún ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, láìdárúkọ bó bá ṣeé ṣe, kó sì dúró de ohun tí ìyá fẹnu ara rẹ̀ sọ. Bó bá rí i pé òun kò lè gbé e kúrò lọ́kàn, òótọ́ ló dára jù: "Màmá, mo gbọ́ nǹkan kan níta nípa ilé yín. Mi ò fẹ́ máa gbé e kiri lẹ́yìn yín. Ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ ọ́, àbí kí n gbàgbé rẹ̀?" Ìyá ló ni ìpinnu náà.

Àwọn ìgbà kan wà tí ìta kò lè rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ kí yàrá sì tún wà. Ẹbí rẹ, onílé rẹ, ẹni tó jẹ ọ́ lówó tàbí tí ò ń jẹ lówó, ọ̀gá rẹ, ẹni tí ìfẹ́ ti wà láàárín yín rí: yàrá ni kó o kọ̀, má kọ ìta. Ti ìbálòpọ̀ kò tiẹ̀ ní àríyànjiyàn nínú. Àwọn onímọ̀ ìṣesí ọkàn ní Amẹ́ríkà ní ó kéré tán, ọdún méjì lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá parí, àwọn agbaninímọ̀ràn wọn ní ọdún márùn-ún. Èmi ní títí láé, torí nílùú kékeré, ìtọ́jú kì í parí. Onítọ̀hún á tún padà wá. Ṣùgbọ́n kí àwọn tó ń sọ pé ká taari gbogbo ojúlùmọ̀ sí ìlú kejì rántí pé owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, àti ọjọ́ ọjà tó máa pàdánù. Ẹni tí kò bá rí owó ọkọ̀ kò ní lọ sí ìlú kejì. Oògùn ni yóò fi sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi ti ara wọn lẹ́yìn, àwọn tó ń sọ pé ẹbí ni gbogbo wa, kí la fẹ́ fi ààlà ṣe. Mi ò sí lẹ́yìn wọn. Àwọn ni wọ́n ń dìde níbi ìpàdé àdúrà pé, "Ẹ bá mi rántí arábìnrin wa kan tó ń ta èlùbọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dára." Ẹni tó ṣe ìyẹn kò yẹ nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń ṣe ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni kí wọ́n yọ "ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n" kúrò. Kí wọ́n fi ìlà mẹ́rin síwájú fáìlì tuntun: bí a ṣe mọra tẹ́lẹ̀, bí a óò ṣe máa kí ara wa, orúkọ tí a óò dá lórí fóònù, ohun tí a óò sọ fún ẹni tó bá béèrè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò lè pé lórí rẹ̀. Ìwọ náà tó ń gbàmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹnì kan nílùú rẹ, bí wọn kò bá bi ọ́ ní ìbéèrè wọ̀nyí, ìwọ ni kó o bi wọ́n kó o tó jáde ní yàrá.